Bí bọ́ọ̀lù bá yọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣọ́lé

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2010, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọ ikọ̀ Gíríìsì kan gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn. Vincent Enyeama tó ń ṣọ́lé fún Nàìjíríà fẹ́ mú un, ó yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Vasilis Torosidis sì gbá a wọlé. Góòlù 2 sí 1 ni Gíríìsì fi borí. Síbẹ̀, Enyeama yìí kan náà ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn bọ́ọ̀lù líle tó mú.

Àgbà tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni Enyeama. Ti ọmọ ọdún 13 tó ń ṣọ́lé fún iléèwé rẹ̀ yàtọ̀. Ká ní bọ́ọ̀lù gba abẹ́ rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí àwọn tó wà lẹ́bàá pápá sì ń pariwo “Básíkẹ́ẹ̀tì!” lé e lórí. Ohun tí kóòṣì rẹ̀ bá bá a ṣe lọ́jọ́ Ajé ló ṣe pàtàkì jù.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí kóòṣì wá orírun àṣìṣe náà. Ọwọ́ ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa yìí ṣì ń rìn bọ̀ níwájú nígbà tí ọ̀tá gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró, kò sì lè tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́lé lè rìn bó ṣe wù ú, àmọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ sì wà níwájú.

Ibi tó yẹ kó dúró sí ńkọ́? Okùn gígùn méjì tó láti fi kọ́ ọ. Ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó, kí ẹ sì fa etí wọn kejì pọ̀ síbi tí bọ́ọ̀lù wà. Kí ọmọ dúró sí àárín okùn méjèèjì. Bó bá fẹ̀yìn rìn lọ sójú ìlà, yóò rí i pé àyè tó ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì pọ̀. Bó bá sún síwájú, àyè náà á dín kù. Àmọ́ kó má jìnnà jù o, nítorí ilé ti àgbà ga tó mítà 2.44, wọ́n lè gbá a gba orí rẹ̀ kọjá. Ilé yẹn fẹ̀ tó mítà 7.32, èyí sì pọ̀ jù fún ọmọdé. Ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 5 síra fún un.

Nípa ọwọ́, bọ́ọ̀lù tó bá ga dé àyà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtàǹpàkò méjèèjì ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń yí bọ̀ nílẹ̀, ọmọ-ìka tó kéré jù ló máa súnmọ́ra, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sókè, orúnkún kan á wálẹ̀ láti dí àlàfo ẹ̀yìn ọwọ́, lẹ́yìn náà ni yóò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀lù tó gba abẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ dá padà fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i sí i láti mítà 5. Bó bá mú 8 nínú 10, ẹ fi ẹsẹ̀ gbá a jẹ́jẹ́ láti mítà 8. Lẹ́yìn náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òpó, kó gbé ìṣísẹ̀ méjì, kó dúró, kó tó mú un. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi omi rin bọ́ọ̀lù. Lópin rẹ̀, ẹ ní kó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́, kó sì sáré gbé e kí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀. Mo fẹ́ràn eré yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ó ń kọ́ ọmọ pé bọ́ọ̀lù tó bọ́ kò tíì wọlé.

Bó bá ń yí ojú kúrò, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ mú, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ìlà, ẹ ti sáré jù, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú. Ẹ má ṣe gbá bọ́ọ̀lù kíkankíkan lù ú nítòsí kí ó lè “le.” Ìbẹ̀rù ni yóò kọ́ níbẹ̀.

Nínú ìdíje, ẹ fún un ní ohun kan tí yóò máa ṣe lẹ́yìn góòlù: kó mí kanlẹ̀, kó fọwọ́ kan òpó, kó pe ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lórúkọ. Bó bá fi orí gbá nǹkan, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà ní Bọ́sítìnì rí àmì pé ọpọlọ Loris Karius mì lẹ́yìn àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ọdún 2018, níbi tí góòlù méjì ti wọlé lórí àṣìṣe rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìpalára, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọmọ kúrò nítorí àṣìṣe kan. Ẹ jẹ́ kó gbá a parí.