Ẹ́síréè Àyà fún Ẹni Tó Ń Lọ Gbé ní Ìlú Ọba

Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí ọkọ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ń pe ará ilé pé kó máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tíbì, ìyẹn ikọ́ ife, ló máa ń da owó púpọ̀ nù nínú ètò yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Òfin náà kò le. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ gbé ní Ìlú Ọba ju oṣù 6 lọ gbọ́dọ̀ fi ìwé-ẹ̀rí kún ìwé físà rẹ̀ pé òun kò ní tíbì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ, ọmọ tó ń lọ kàwé lọ́dún gbọọrọ, gbogbo wọn ló kàn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó gba físà àbẹ̀wò, tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó sì padà sídìí ọjà rẹ̀, kò nílò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ san owó tíbì, kó béèrè ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní gbogbo Nàìjíríà, ilé àyẹ̀wò ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Ìṣíkiri, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IOM, ní Ìkẹjà l'Ékòó àti ní Àbújá nìkan ni ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí. Ilé Ìwòsàn Ńlá Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì lè ya àwòrán àyà, dókítà ibẹ̀ sì lè kà á bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìwé wọn kò wúlò fún físà. Kì í ṣe pé wọn kò mọṣẹ́. Ní ibi tí a fọwọ́ sí, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ojú ènìyàn mọ́ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kí wọ́n tó yàwòrán, kí ẹnì kan má baà gbé àyà ẹlòmíràn kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun lè bá yín gba ìwé náà láìjẹ́ pé ẹ débẹ̀, irọ́ ló ń pa. Orúkọ àwọn ibi tí a fọwọ́ sí wà lórí gov.uk. Kí ọmọ yín bá yín wò ó kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan lọ́jà Ìkọ̀lé ṣe àpẹẹrẹ. Òun àti ọmọ rẹ̀ méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 13 àti obìnrin ọmọ ọdún 5, ń lọ bá bàbá wọn. Wọ́n gba ọjọ́ àyẹ̀wò sílẹ̀, wọ́n sì mú páásípọ́ọ̀tù àti àdírẹ́sì ilé tí wọ́n máa gbé lọ́hùn-ún dání. Láti Ìkọ̀lé, ẹlòmíràn lè gba Ọmùò, Kàbà àti Lókója lọ sí Àbújá, ẹlòmíràn sì lè yan Èkó. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú.

Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á bi wọ́n léèrè nípa ikọ́, òógùn òru, rírù, àti bóyá ẹnì kan nínú ilé ti ní tíbì rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ya àyà ìyá àti ọmọ ọdún 13. Ẹ́síréè máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 11. Èyí ọmọ ọdún 5 kò ní ya àwòrán bí ara rẹ̀ bá dá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bá wọn lọ kí dókítà rí i, òun náà á sì gba ìwé tirẹ̀.

Kí ìyá tú ẹ̀gbà ọrùn, kó sì di irun rẹ̀ sókè pátápátá. Irun dídì tó gùn tó sì ki, tó bá wà lórí èjìká, máa ń hàn nínú àwòrán bí òjìji lókè ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an sì ni tíbì fẹ́ràn láti jókòó sí. Ìyá tó bá lóyún kó sọ ọ́ kí wọ́n tó yàwòrán. Ó lè dúró títí yóò fi bímọ, ó lè ní kí wọ́n fi aṣọ òjé bo ikùn òun, tàbí kó yàn pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òun ni kí wọ́n yẹ̀ wò dípò ẹ́síréè.

Bí àwòrán bá mọ́, wọ́n á fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Oṣù 6 péré ló ń lò, ọjọ́ tí wọ́n ya ẹ́síréè ni wọ́n sì ti ń kà á. Bí ìyá yìí bá yàwòrán ní oṣù kẹta, tí owó físà kò sì pé títí di oṣù kẹwàá, ìwé ti kú, yóò tún san owó mìíràn fún gbogbo wọn. Ẹ kọ́kọ́ kó owó àti ìwé físà jọ, kí ẹ tó lọ yàwòrán.

Ká ní àwòrán ọmọ ọdún 13 ní òjìji ńkọ́? Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ní tíbì. Ó lè jẹ́ àpá àìsàn àtijọ́. Wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta léraléra, nítorí náà ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn. Èsì rẹ̀ lè gbé tó oṣù méjì, wọn kò sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi falẹ̀. Wọ́n ní láti mú kí kòkòrò náà hù nínú ìgò. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn ń di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20, ṣùgbọ́n ti tíbì ń gbà tó nǹkan bíi wákàtí 20. Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlú kí èsì tó dé. Ẹni tó bá ti gba ìtọ́jú tíbì rí, kó mú káàdì ìtọ́jú rẹ̀ lọ, kó má fi pamọ́.

Ẹni tó ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn. Ìtọ́jú tíbì kì í gba owó níbẹ̀. Ẹ má lọ ra sípúrò lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì láti fi pa ikọ́ náà kó tó di ọjọ́ àyẹ̀wò, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí tíbì fara pamọ́ fúngbà díẹ̀, kó sì padà wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rí tíbì lóòótọ́, ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gba oṣù 6. Bó bá parí, a tún lè lọ ṣe àyẹ̀wò kí a sì béèrè físà. Ọ̀nà kò dí títí láé.

Ó ku ti káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ. Àwọn kan rò pé àpá BCG tó wà lápá ti tó, pé ó rọ́pò ẹ́síréè. Kò rọ́pò rẹ̀, torí ẹni tó gbà á ṣì lè ní tíbì. Ìlú Ọba kì í béèrè káàdì abẹ́rẹ́ fún físà yìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá débẹ̀, dókítà àdúgbò máa béèrè èyí tó ti gbà, kí wọ́n lè fún un ní èyí tó kù. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ padà sí ìlé ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ti gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, kí wọ́n yẹ ìwé wọn wò kí wọ́n sì kọ òmíràn. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò nílé, torí láti òkè òkun, ó ṣòro láti rí ẹni bá yín wá a.