Ọkọ̀ Kan, Èrè Oríṣi Méjì

Ká ní ilé búrẹ́dì kan n'Ibàdàn ra bọ́ọ̀sì ní mílíọ̀nù 16 náírà, wọ́n sì retí pé yóò ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́rin, kí wọ́n tó tà á ní mílíọ̀nù 1. Mílíọ̀nù 15 tó bọ́ sáàárín ni owó ogbó ọkọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pín in sórí ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n bá sì ṣe pín in ni èrè inú ìwé yóò ṣe rí.

Wọ́n lè pín in dọ́gba, kí ọdún kọ̀ọ̀kan ru 3,750,000. Wọ́n sì lè máa yọ ìdajì iye tó bá kù nínú ìwé: mílíọ̀nù 8 lọ́dún kìíní, 4 lọ́dún kejì, 2 lọ́dún kẹta, 1 lọ́dún kẹrin. Orí mílíọ̀nù 16 gan-an ni ìṣirò kejì yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ mílíọ̀nù 1 kúrò ti ṣì í.

Ká wá sọ pé ọjà ò yí padà, mílíọ̀nù 9 ló ń ṣẹ́ kù lọ́dọọdún kí wọ́n tó yọ owó ogbó. Ìwé onípínpín dọ́gba yóò fi èrè 5,250,000 hàn lọ́dọọdún. Ìwé kejì yóò fi mílíọ̀nù 1 hàn, lẹ́yìn náà 5, 7 àti 8. Mílíọ̀nù 21 ni àpapọ̀ méjèèjì, kọ́bọ̀ kan ò sì yàtọ̀ nínú àpótí owó. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilé iṣẹ́ yìí lè rí ìwé kejì kó rò pé òwò ń gbèrú, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì kan ò tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó tó sanwó, kó ka àlàyé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò; ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ̀nà tí wọ́n lò sí. Owó orí kì í tìtorí èyí dín kù: ní Nàìjíríà, owó ogbó tí òfin fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣírò owó orí.

Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ náà ní mílíọ̀nù 5 lópin ọdún kejì ńkọ́? Nínú ìwé onípínpín dọ́gba, 8,500,000 ló ṣì kù lórí rẹ̀, àdánù 3,500,000 yóò sì jáde lójijì. Nínú ìkejì, mílíọ̀nù 4 ló kù, wọ́n jèrè mílíọ̀nù 1. Ẹ ro èrè ọdún méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn: mílíọ̀nù 7 ni lápá méjèèjì.

Òfin ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 16 ní kí ọ̀nà tí a bá yàn bá bí ohun èlò náà ṣe ń lò tán mu. Fún ọkọ̀, ìkejì ló wù mí, torí bó bá ti ń gbó ni owó mẹkáníìkì ń pọ̀, owó ogbó tó ń dín kù á sì fàyè sílẹ̀ fún un. Ààrò tó ń yan iye búrẹ́dì kan náà lọ́dọọdún, pípín dọ́gba ló yẹ ẹ́.

Ilé búrẹ́dì tó bá ń ra bọ́ọ̀sì kan lọ́dọọdún kò tiẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀ kankan tó bá yá. Lọ́dún kẹrin, ọkọ̀ tuntun ru 8, àwọn àgbà ru 4, 2 àti 1: mílíọ̀nù 15. Ọkọ̀ mẹ́rin ní 3,750,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 15 náà ni.