Kọ̀ǹpútà Kan, Òṣìṣẹ́ Mẹ́ta: Kí Ló Gba Gbogbo Àyè?

Ká ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń lo kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì yín, kálukú pẹ̀lú orúkọ ìwọlé tirẹ̀. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 256 GB, ó sì ku 9 GB péré. Ọ̀gá da Recycle Bin nù, síbẹ̀ nǹkan kan kò yí padà. Tirẹ̀ nìkan ló dà nù. Recycle Bin àti Downloads ti àwọn yòókù ṣì kún fọ́fọ́.

Nítorí náà, ní ìparí oṣù, ẹ ṣí Settings, System, Storage. Lábẹ́ Show more categories, Other people yóò fi iye àyè tí àwọn yòókù gbà hàn. Kí kálukú wọlé, kó sì yẹ tirẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ẹ má bá wọn pa á rẹ́ o! Ibẹ̀ ni rìsíìtì oníbàárà máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà sórí díìsìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí fáìlì díẹ̀ nínú ẹ̀dà náà wò.

Ó ku ìlera díìsìkì. Ẹ tẹ èyí sínú PowerShell:

```
Get-PhysicalDisk
```

Bí HealthStatus bá kọ Warning, ẹ tètè ra òmíràn. Healthy pàápàá kò ní kí díìsìkì má kú lójijì.