Gígé Ìwé Ìkíni Ọjọ́ Ìbí Tí Ó Gùn Jù

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìkíni ọjọ́ ìbí ni ó ti kọjá lábẹ́ ojú wa, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn gùn ju bí ó ti yẹ lọ. A kò gbà pé ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀wé ni ó fa èyí. Láti ẹnu ni ìkíni wa ti wá kí ó tó dé orí ìwé. Bí àgbà bá ń gbàdúrà fún ènìyàn ní gbangba, ó lè gba mẹ́wàá léra wọn kí ó má sì sú ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tí ó jókòó ń dáhùn "àmín" sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmín náà ni ó sì ń fún àdúrà tí ó tẹ̀ lé e ní agbára. Bí a bá to mẹ́wàá náà sí orí ìwé, kò sí ẹni tí yóò ṣe àmín láàárín wọn. Wọn a di òkìtì kan ṣoṣo, ojú òǹkàwé a sì fò wọ́n. Ní ayé wáyà, nígbà tí a ń sanwó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, owó ni ó ń gé ìkíni kúrú. Nísinsìnyí a ní láti fi ọwọ́ ara wa gé e.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Arákùnrin kan ní Bẹẹrẹ ni ó kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ tí ó pé 70 ọdún, tí ó sì ti ta èlùbọ́ ní Ojà'ba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá náà kò mọ̀wé. A ó ka ìwé náà sí etí rẹ̀ níwájú ẹbí, etí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ dáadáa mọ́. Bí ìwé bá gùn, àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ọ̀rọ̀ tí ìyá ìbá fẹ́ gbọ́ jù yóò sì sọnù nínú ariwo. Ojú ewé mẹ́ta ni ìwé náà. Èyí ni àárín rẹ̀:

"Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ kú oríire, ẹ kú ìdúpẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí yín sí, nítorí láìsí Ọlọ́run kò sí ohun tí ènìyàn lè dá ṣe. Òrìṣà bí ìyá kò sí. Ìyá rere ni yín, aláàánú ni yín, òṣìṣẹ́ sì ni yín. Láti Bẹẹrẹ, nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ni ẹ ti ń fi ẹrù èlùbọ́ gun òkè Mapo lọ, tí ẹ sì ń mú owó ilé-ìwé wa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, a kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láé, nítorí wàhálà ńlá ni. Ẹ fẹ́ràn ènìyàn púpọ̀, èènì tí ẹ sì ń bù lé kóńgò oníbàárà ni àwa ń jẹ títí di òní. Bí a bá bi yín bóyá ẹ ti jẹun, ẹ ó ní ẹ ti jẹ ní ọjà. A dàgbà tán kí a tó mọ̀ pé ẹ kò jẹ nǹkan kan. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ojú yín kò ní rí ibi."

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ tiwa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: "Ìyá wa, ẹ ṣiṣẹ́ gidigidi fún wa, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́." Èyí kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a yan gbólóhùn, kí a sì fi èyí tí a yàn sílẹ̀ bí ó ti wà.

A mú pẹ́ńsùlù, a sì ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ a lè kà á fún ìyá ẹlòmíràn kí ó sì bá a mu? "Ìyá rere ni yín" bá ìyá aláta ní Ọjẹ́ mu, ó sì bá ìyá olùkọ́ mu pẹ̀lú. A fa ìlà lé e. Òwe òrìṣà náà bá gbogbo ìyá mu. Òun náà lọ. Mẹ́ta péré ni ó kù tí kò lè bá ẹlòmíràn mu: òkè Mapo, èènì, àti oúnjẹ ọjà tí kò sí. Ẹni tí ó bá mọ òkè náà, tí gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní 1929 wà ní orí rẹ̀, yóò mọ ohun tí ẹrù èlùbọ́ ń ṣe sí ọrùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a wo ohun tí ó so mọ́ ìdí àwọn mẹ́ta náà. "A kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láé, nítorí wàhálà ńlá ni" ń ṣàlàyé ohun tí òkè Mapo ti sọ tán. Ẹni tí ó gbọ́ ti ẹrù àti òkè kò nílò kí a sọ fún un pé wàhálà ni. "Ẹ fẹ́ràn ènìyàn púpọ̀" pẹ̀lú dúró níwájú èènì, ó sì ń dí i lójú. Ìrírí wa ni pé irú àlàyé báyìí ni ó máa ń pa gbólóhùn dáradára, ju àdúrà tí ó pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ewu kan wà: bí a bá yọ "èlùbọ́" nítorí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, kóńgò yóò ṣe àjèjì nígbà tí a bá dé ibẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń gbọ́ kò ní mọ ohun tí a ń wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ" àti "yín": ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di "o" àti "rẹ" nítorí pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yá.

Níbi àdúrà ni ìjà wà. Ẹ̀gbọ́n arákùnrin náà obìnrin wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ kí á kí ìyá wa bí ẹni tí ó ń kí àlejò ni? Àdúrà ni màmá ń retí." Òótọ́ ni ó sọ. Ìkíni tí kò ní àdúrà rárá a máa tutù létí àgbà. Nítorí náà a fi ẹyọ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mú un láti inú àwọn tí gbogbo ayé ń gbà. Inú èènì ni a ti fà á yọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí a fi kún un nìyẹn. Ó sì mú kí a gbé èènì lọ sí ìparí, lẹ́yìn oúnjẹ, kí àdúrà lè tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tí a gúnlẹ̀ sí nìyí:

"Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún. Láti Bẹẹrẹ, ẹ fi ẹrù èlùbọ́ gun òkè Mapo lọ sí Ojà'ba, ẹ sì mú owó ilé-ìwé wa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bí a bá bi yín bóyá ẹ ti jẹun, ẹ ó ní ẹ ti jẹ ní ọjà. A dàgbà tán kí a tó mọ̀ pé ẹ kò jẹ nǹkan kan. Èènì tí ẹ bù lé kóńgò oníbàárà ni àwa ń jẹ títí di òní. Kí Ọlọ́run bu èènì lé ọjọ́ ayé yín."

Bí ọ̀rọ̀ 80 ni, a sì lè kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí a tó fọwọ́ sí i, a ní kí ẹni tí kò tí ì rí ìwé ojú ewé mẹ́ta náà kà á sókè. Ibi tí ó bá kọsẹ̀, tàbí tí ó bá bi wá pé "Kí ni èyí?", ibẹ̀ ni a ti gé jù. Kò kọsẹ̀. Ní ti àwọn àdúrà tí a yọ, ẹ̀gbọ́n gbà láti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà wọ́n lẹ́yìn kíkà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ilé sì máa ṣe àmín.