Ẹtambútọ́ọ̀lù: Ìdí Tí Mẹ́rin Fi Di Mẹ́ta

Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, ì báà máa gbé ní Òjóò tàbí ní Dùgbẹ̀, oògùn mẹ́rin ló sábà máa ń lò pọ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹtambútọ́ọ̀lù wà lára wọn. Bí a ṣe ń kọ mólékù rẹ̀ nìyí:

HOCH₂–CH(C₂H₅)–NH–CH₂–CH₂–NH–CH(C₂H₅)–CH₂OH

Kábọ́ọ̀nù CH méjèèjì nìkan ni nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ so mọ́: háídírójìn, C₂H₅, CH₂OH àti náítírójìn. Sítẹ́ríósẹ́ńtà ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ R tàbí S. Òfin 2ⁿ tí gbogbo wa há sórí sọ pé mẹ́rin ló yẹ ká rí: RR, SS, RS àti SR. Ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló wà.

Ẹ wo RS dáadáa. Ìdajì òsì mólékù yìí àti ìdajì ọ̀tún, nǹkan kan náà ló so mọ́ wọn. Tí ẹ bá yí i po kí ìbẹ̀rẹ̀ di òpin, SR lẹ máa kà. Mólékù kan la kọ lẹ́ẹ̀mejì. Òun là ń pè ní mésò. Ẹ yí ìdè CH₂–CH₂ àárín títí ìdajì méjèèjì yóò fi kọjú síra, ẹ ó rí i pé dígí lè dúró láàárín wọn, kí òsì jẹ́ àwòrán ọ̀tún. RR kò ní irú dígí bẹ́ẹ̀. SS ni àwòrán tirẹ̀.

Kì í ṣe R àti S tó takora nìkan ló ń sọ nǹkan di mésò o. Tí a bá fi CH₃ rọ́pò C₂H₅ kan ṣoṣo, ìdajì méjèèjì kò bára mu mọ́, iye áísómà á sì padà di mẹ́rin.

Ìṣirò yìí kan aláìsàn. Tí a bá fi 2-amínóbútán-1-ọ́ọ̀lù tí R àti S rẹ̀ dọ́gba ṣe oògùn náà, ó dà bí ìgbà téèyàn ta owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mejì: ìdá mẹ́rin kan á jẹ́ RR, ìdá mẹ́rin kan á jẹ́ SS, ìdajì á sì jẹ́ mésò. SS ló ń pa kòkòrò náà dáadáa. Mésò kò lágbára tó o, RR kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ ìpalára wọn lára kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti SS. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí S nìkan.

Báwo la ṣe ń dá mésò mọ̀? Kò ní yí ìmọ́lẹ̀ inú polarímítà. Ṣùgbọ́n àdàlù RR àti SS tó dọ́gba náà kò ní yí i, nítorí náà òdo kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Lórí kọ́lọ́ọ̀mù kírálì, àdàlù yẹn á pín sí méjì. Mésò kò ní pín.

Fún mólékù tí ìdajì rẹ̀ méjèèjì bára mu, tí n sì jẹ́ 2, 4 tàbí 6, iye áísómà ni 2ⁿ⁻¹ + 2⁽ⁿᐟ²⁾⁻¹. Tí n bá jẹ́ 2, ẹ ó rí 2 + 1, ìyẹn 3. Fún HOOC–(CHOH)₄–COOH, ẹ ó rí 8 + 2: mẹ́wàá ni, kì í ṣe mẹ́rìndínlógún, méjì nínú wọn sì jẹ́ mésò.