Ta Ló Dá Orin Kìnnìún Yẹn? Bí Àṣìgbọ́ Kan Ṣe Di Ẹlẹ́rìí

Nínú èdè wa, tí ẹnì kan bá bi yín pé "ta ló kọ orin yìí?", ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ló ń béèrè, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ro orin náà jáde láti inú orí ara rẹ̀. Kó má bàa dàrú mọ́ wa lójú, "ẹni tó dá orin" ni màá máa pe ẹnì kejì yẹn, ẹni tó fi ohùn gbé e jáde á sì máa jẹ́ "akọrin". Ó lè jẹ́ ẹnì kan náà, bó ṣe rí fún Fẹlá. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí orúkọ bá ti pọ̀, tí wọn ò sì bára mu.

Ẹ jẹ́ ká fi The Lion Sleeps Tonight ṣàlàyé. Ẹ ó ti gbọ́ ọ rí, bóyá nínú fíìmù The Lion King. Tí ẹ bá ṣí i lórí fóònù, orúkọ tó hàn gàdàgbà ni The Tokens, àwọn ọ̀dọ́ Brooklyn tí orin náà gba ipò kìíní fún ní Amẹ́ríkà ní 1961. Akọrin nìyẹn. Kí ẹ tó rí ẹni tó dá a, ẹ ní láti wọ inú ìsọfúnni orin náà. Lórí Spotify, ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ṣe orin sí ni ẹ máa ṣí, kí ẹ wá wo orúkọ àwọn tó dá a. Lára àwo àtijọ́, orúkọ kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ àkọlé orin ni. Lára àwo The Tokens, ẹ ó rí George David Weiss, Hugo Peretti àti Luigi Creatore níbẹ̀.

Ṣé àwọn ló dá a, nígbà náà? Ẹ rọra. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ń sọ ẹni tó ní òun ló dá orin, kò sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Peretti àti Creatore ló darí iṣẹ́ nínú sitúdíò lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn The Tokens. Ó sì wọ́pọ̀ gan-an láyé ìgbà yẹn kí ẹni tó ń darí iṣẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ náà sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùwádìí máa ń ṣe ni kó kó gbogbo àwo orin náà jọ, kó sì tò wọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọ́ o, torí ẹnì kan lè fi orúkọ orin sílẹ̀ lónìí kí orin ọ̀hún sì ti pé ogún ọdún. Tí a bá tò ó báyìí, The Tokens wà ní 1961. Ṣáájú wọn, ní 1951, ẹgbẹ́ The Weavers ní Amẹ́ríkà ti gba ohùn orin kan tí wọ́n pè ní Wimoweh. Ṣáájú tiwọn náà, ní 1939, ọmọ Súlù kan tó ń jẹ́ Solomon Linda àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Evening Birds, gba ohùn orin kan sílẹ̀ nínú sitúdíò Gallo ní Johannesburg. Àkọlé rẹ̀ ni Mbube, ìyẹn kìnnìún.

Ṣùgbọ́n wíwà ṣáájú nìkan ò tó ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ti ara wọn rí. Etí ló kàn. Nígbà tí ẹ bá ń fi orin méjì wéra, ẹ má wo bí ohùn ṣe ga sí, torí akọrin kan lè gbé e sókè, kí èkejì gbé e sísàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èyí tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ wò. Do-mi-so ṣì ni do-mi-so, ibi yòówù tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn gìtá àti dùùrù tó wà nísàlẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, nítorí irú ìṣọ̀wọ́ ohùn mẹ́ta kan náà ló wà lábẹ́ àìmọye orin láyé yìí. Èyí tó lágbára ni tí ọ̀nà orin gígùn kan bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rian Malan, akọ̀ròyìn South Africa tó ṣèwádìí orin yìí fún ìwé ìròyìn Rolling Stone ní 2000, kọ̀wé pé ìgbà kẹta tí wọ́n gba ohùn Mbube ni Linda ṣàdédé fi ohùn òkè ta orin kan sí ìparí. Orin kékeré yẹn ni Weiss wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí lẹ́yìn ọdún méjìlélógún.

Ẹ̀rí tó wù mí jù, èdè ló ti wá. Pete Seeger ti The Weavers gba àwo Linda lọ́wọ́ Alan Lomax. Kò gbọ́ Súlù, etí lásán ló fi kọ́ orin náà. Ohun tí ẹgbẹ́ Linda ń sọ túmọ̀ sí "kìnnìún ni ọ́", ọ̀rọ̀ mbube sì wà nínú rẹ̀ ketekete. Seeger gbọ́ ọ sí "Wimoweh", ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú èdè Súlù. Àmọ́ The Tokens náà ń pe irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn orin tiwọn! Ṣé ẹ rántí olùkọ́ tó ń wo ìwé ìdánwò? Tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá gba ìdáhùn kan náà, ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló kàwé. Tí wọ́n bá ṣi ìdáhùn kan náà bákan náà, ẹnì kan wo ìwé ẹnì kejì ni. Àṣìgbọ́ yìí fi hàn wá pé ọ̀dọ̀ The Weavers ni The Tokens ti rí orin, àti pé inú àwo Linda ni The Weavers ti rí tiwọn. Miriam Makeba náà kọ Mbube ní 1960, ṣùgbọ́n Súlù ni tirẹ̀, àṣìgbọ́ ò sí níbẹ̀.

Báwo wá ni orúkọ Linda ò ṣe sí lára àwo The Weavers? Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Paul Campbell, ènìyàn kankan ò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àdápè ni, tí wọ́n ń lò fún orin ìbílẹ̀ tí wọ́n tún tò, kí owó lè gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ka Mbube sí orin àwọn baba ńlá, tí kò ní olówó. Nítorí náà, tí ẹ bá rí orúkọ kan tí kò sí níbòmíràn láyé, tàbí tí ẹ rí "traditional" lára orin tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní orúkọ ènìyàn lórí, ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé Linda nìkan kọ́ ló ni gbogbo rẹ̀. Orin náà tirẹ̀ ni, àti bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ ohùn òkè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kọ́, ti Weiss ni. Seeger tún un tò. The Tokens, akọrin ni wọ́n.

Linda kú ní 1962. Wọ́n ní ṣílè mẹ́wàá ló gbà fún orin náà. Ohun tó gba àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 tó ṣiṣẹ́ ní South Africa nígbà yẹn: ẹ̀tọ́ tí ẹni tó dá iṣẹ́ bá tà máa ń padà sọ́dọ̀ àwọn àrólé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tó bá ti kú. Ní 2004 wọ́n pe Disney lẹ́jọ́ nítorí The Lion King. Ní 2006, wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà láìdé ìdájọ́. Àwọn àrólé gba owó, wọ́n sì gbà pé inú Mbube ni orin náà ti jáde, pé Linda wà lára àwọn tó dá a.