Ikọ́ ife: àtẹ oògùn tí ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ sàmì sí

Bí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá fi hàn pé bàbá kan ní ikọ́ ife, oṣù mẹ́fà ni yóò fi lo oògùn lójoojúmọ́. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní Benin. Iṣẹ́ tó kù fún ẹbí, bíi ti àwọn tó ń gbé ní Takọn lágbègbè Ṣakẹtẹ, ni pé kí ẹnì kan máa fojú rí i pé bàbá gbé e mì. Kì í ṣe dandan kí aláìsàn sùn sí ilé ìwòsàn: ìwádìí kan ní Madras, ní Íńdíà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1959, fi hàn pé ẹni tó gba ìtọ́jú nílé ń sàn bíi ti ẹni tó wà ní ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá tó wọn kílò 52 ṣe àpẹẹrẹ. Hóró mẹ́ta ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan náà láràárọ̀, kó tó jẹun. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, oògùn mẹ́rin ló wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Fún oṣù mẹ́rin tó kù, ó di méjì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fa ìlà sórí ìwé, ó ya àpótí kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn tí bàbá bá gbé oògùn mì tán ló ń sàmì, kì í ṣe ṣáájú. Bí wọ́n bá fún un ní hóró 84 fún ọjọ́ 28, lálẹ́ ogúnjọ́, 24 ló yẹ kó kù. Tó bá ku 30, ọjọ́ méjì ti fò, bí gbogbo àpótí tilẹ̀ ní àmì. Ìtọ̀ tó pọ́n bí omi ọsàn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Oògùn rifampisíìnì ló ń fà á.

Oṣù kẹta ló máa ń le jù. Ikọ́ ti dáwọ́ dúró, bàbá ti ń sanra, ó ti padà sóko, ó sì ń sọ pé ara òun ti yá. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó kù ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá dáwọ́ oògùn dúró, wọ́n lè jí padà, kí oògùn náà má sì ràn wọ́n mọ́.

Bó bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kó má lo hóró mẹ́fà lọ́jọ́ kejì. Kí ọmọ fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ojú bàbá bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, tó bá ń bì láìdáwọ́ dúró tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kó dáwọ́ oògùn dúró, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọn yóò tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò níparí oṣù kejì, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Bí kòkòrò bá ṣì hàn ní oṣù karùn-ún, ìbéèrè àkọ́kọ́ dókítà ni bóyá bàbá lo oògùn déédéé. Àtẹ yẹn ni ọmọ yóò nà sí i.